Bá a ṣe ń dín ìwúwo PowerPoint tó kún fún fọ́tò kù ká tó fi ránṣẹ́

Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ wo fáìlì tó wà lójú sikirín yìí, sláìdì 22 péré, àmọ́ 86 MB ló wúwo. Ẹnì kan tó ń ta aṣọ òkè l'Ọ́jà Ọjẹ́ níbí n'Ìbàdàn ló ni í, ó kó sányán, àlàárì àti ẹtù tó wà nílẹ̀ sínú ẹ̀ pẹ̀lú iye owó, ó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí oníbàárà kan l'Ékòó tó fẹ́ mú aṣọ ẹbí nínú ẹ̀. Gmail ò ní gbà á báyẹn. Tí fáìlì bá ti ju 25 MB lọ, Gmail á kàn sọ ọ́ di líǹkì Google Drive ni, tí oníbàárà bá wá tẹ líǹkì yẹn tẹ́ ò sì ṣí ọ̀nà fún un, á máa bá yín tọrọ àyè láti wọlé, ẹ sì mọ̀ pé oníbàárà tó ń wo ọjà lọ́wọ́ èèyàn mẹ́ta ò ní dúró dè yín.

A máa gbé 86 yẹn wá sí bíi 5, aṣọ ò sì ní bàjẹ́ lójú. PowerPoint orí kọ̀ǹpútà Windows ni mò ń lò o.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí ẹrù yẹn ti wá. Fọ́tò tí fóònù ń yà lóde òní sábà máa ń jẹ́ píksẹ́lì, ìyẹn ẹyọ àwọ̀ wẹ́wẹ́ tó para pọ̀ di fọ́tò, 4000 ní fífẹ̀ àti 3000 ní gíga, ọ̀kan lè tó 4 MB. Tẹ́ẹ bá gbé e sórí sláìdì tẹ́ẹ wá fa igun ẹ̀ títí tó fi kéré bí ìwé ìdánimọ̀, gbogbo píksẹ́lì yẹn ṣì wà níbẹ̀. Ẹ ká aṣọ òkè ọ̀pá mẹ́wàá sínú báàgì kékeré, ṣé ó ti wá di ọ̀pá méjì nìyẹn? Ohun tójú ń rí ló kéré, ẹrù ò dín. Bákan náà ni ká gé etí fọ́tò kúrò pẹ̀lú Crop, ibi tẹ́ẹ gé yẹn kàn fara pamọ́ ni, ó ṣì wà nínú fáìlì, ẹni tó bá gbà á lè ṣí i padà. Torí náà tó bá jẹ́ pé ẹ gé ìwé owó tàbí ojú ẹnìkan kúrò nínú fọ́tò, kò tíì lọ o!

Ó dáa. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà fáìlì yẹn, kẹ́ẹ fi ti àkọ́kọ́ pamọ́ síbòmíì, torí ohun tá a bá yọ lónìí ò ní ṣeé dá padà.

Ẹ̀dà yẹn, ẹ jẹ́ ká yẹ inú ẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ pé fáìlì tó parí sí .pptx, zip ni ní tòótọ́. Ìdí nìyẹn tí kò fi wúlò kẹ́ẹ tún máa zip ẹ̀ kó lè fúyẹ́, ó ti wà nínú zip tẹ́lẹ̀, JPEG tó wà nínú ẹ̀ náà ti fún pọ̀ tẹ́lẹ̀, díẹ̀ báyìí lẹ máa rí yọ. Nínú fódà yín, ẹ lọ sí View, tó bá jẹ́ Windows 11 ẹ mú Show níbẹ̀, kẹ́ẹ tíìkì File name extensions, kẹ́ẹ wá ṣe ẹ̀dà míì kẹ́ẹ yí orúkọ ìparí ẹ̀ padà, báyìí:

```
aso-oke.pptx  →  aso-oke.zip
```

Windows á bi yín bóyá ó dá yín lójú, ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ ṣí i, ẹ wọnú ppt, ẹ wọnú media. Gbogbo fọ́tò inú sláìdì ló wà níbẹ̀ yẹn, ẹ tẹ Size lókè kí èyí tó wúwo jù lè wá sókè.

Ẹ wá wo nǹkan. Ẹni tó ni iṣẹ́ yìí rò pé fọ́tò ló pọ̀ jù, ó sì ti fẹ́ máa yọ sláìdì dànù. Fọ́tò JPEG méjìlá ló wà níbẹ̀, bíi 4 MB ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 48. Àmọ́ ẹ wo méjì tó wà lókè pátápátá yìí, image7.png, 19 MB, image12.png, 15 MB. Méjì péré, 34 MB! Ìyókù, bíi 4 MB, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná, a máa bá a níwájú.

Kí ló fà á tí PNG fi rí báyẹn? PNG kì í sọ ohunkóhun nù nínú àwòrán, gbogbo píksẹ́lì ló ń pa mọ́ bó ṣe wà, ó sì dáa fún lógò àti àwòrán tí àwọ̀ ẹ̀ ò pọ̀. Fọ́tò aṣọ ńkọ́, tí òwú kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tiẹ̀ tí òjìji sì ń ṣeré lórí ẹ̀? PNG á kàn máa wú ni. JPEG ní tiẹ̀ máa ń sọ ohun tójú èèyàn ò lè tètè rí nù, ìdí nìyẹn tó fi ń fúyẹ́. Ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ tẹ́ni tó ṣiṣẹ́ fọ́tò bá fi PNG ránṣẹ́ torí ó gbọ́ pé òun ló mọ́ jù, ó mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló ní kó gbé e wá sínú sláìdì.

Ẹ fa PNG méjèèjì yẹn jáde síta, sórí Desktop, ẹ ṣí wọn nínú Paint, ẹ lọ sí File, Save as, JPEG picture. Eléyìí tó jẹ́ 19 ti di bíi 3 MB, ìkejì 2 àti ààbọ̀. Ẹ padà sínú PowerPoint, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún máósì tẹ fọ́tò yẹn, ẹ mú Change Picture, ẹ gbé JPEG tuntun yẹn wọlé, ibi tó wà àti bó ṣe tóbi lórí sláìdì ò ní yí padà, ẹ ò ní máa tò ó lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ ṣọ́ra ṣá o: tí PNG yẹn bá jẹ́ lógò tí ẹ̀yìn ẹ̀ ò ní àwọ̀, tẹ́ẹ bá sọ ọ́ di JPEG ẹ̀yìn ẹ̀ á di funfun gbàgà lórí sláìdì yín. Ẹ fi lógò sílẹ̀ jẹ́jẹ́, kò wúwo náà.

A sẹ́ẹ̀fù, ó ti kúrò ní 86, ó ti di bíi 57.

Ó wá kan àwọn fọ́tò tó kù. Ẹ tẹ fọ́tò kan ṣoṣo, èyíkéyìí, kí Picture Format lè yọ lókè, ẹ lọ síbẹ̀ ẹ mú Compress Pictures. Àpótí kékeré kan á jáde, ẹ farabalẹ̀ wò ó, torí ibí ni iṣẹ́ wà. Èyí tó kọ Apply only to this picture, wọ́n ti tíìkì ẹ̀ fún yín tẹ́lẹ̀, ẹ yọ ọ́. Tẹ́ẹ bá fi sílẹ̀, fọ́tò kan péré ló máa dín, ẹ̀ẹ́ wá máa sọ pé nǹkan yìí ò ṣiṣẹ́ jàre. Ẹ jẹ́ kí Delete cropped areas of pictures wà pẹ̀lú tíìkì ẹ̀, òun ló máa gbé etí tẹ́ẹ gé lẹ́ẹ̀kan yẹn lọ pátápátá.

Lẹ́yìn ìyẹn ẹ máa mú nọ́ńbà kan. Ó ní 330 ppi, ìyẹn iye píksẹ́lì tó máa wà nínú ínṣì kan, ó tún ní 220, 150 àti 96. Kí wá ni ká mú? Ìṣirò ẹ̀ ò le. Sláìdì tó fẹ̀ tá à ń lò báyìí jẹ́ ínṣì 13.33 ní fífẹ̀. Tẹ́ẹ bá mú 150, tó wà ní Web, fọ́tò tó gba gbogbo sláìdì á ní píksẹ́lì 2000 ní fífẹ̀, ojú lápútọ́pù tó pọ̀ jù ò sì ju 1920 lọ, ó tó, ó tún ṣẹ́kù díẹ̀. Tẹ́ẹ bá mú 96, ó di 1280, lórí fóònù kò burú, tí wọ́n bá gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n ńlá ní ọ́fíìsì ojú ẹ̀ á ti máa ṣú. Èmi kì í lo 96 fún ẹni tó ń tajà. 220 wà fún ìwé tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ jáde. Ẹ mú 150, ẹ tẹ OK, ẹ sẹ́ẹ̀fù, torí tẹ́ ò bá tíì sẹ́ẹ̀fù ìwúwo fáìlì ò ní yí padà lójú fódà.

Ó ti di 8 MB.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì fi ránṣẹ́ o, ẹ jẹ́ ká wo sláìdì kẹsàn-án yìí. Fọ́tò ẹtù tí wọ́n yà látòsí gan-an nìyí, aró dúdú pẹ̀lú ìlà funfun tín-ín-rín, bí òwú ṣe kọjá lára òwú ni oníbàárà fẹ́ rí. Ẹ sún un súnmọ́ yín, ṣẹ́ẹ rí bí ìlà yẹn ṣe ń ṣe bí omi tó ń jì, tó ń wọ́ gẹ̀lẹ̀tẹ̀ gẹ̀lẹ̀tẹ̀? Aṣọ yẹn ò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó fà á ni pé ìlà tín-ín-rín náà pọ̀ ju iye píksẹ́lì tó ṣẹ́kù láti gbé e, àwọn ìlà wá ń gun ara wọn. Aṣọ tó ní ìlà wẹ́wẹ́ ló sábà máa ń ṣe báyìí, sányán tó jẹ́ àwọ̀ kan ṣoṣo kì í fi bẹ́ẹ̀ ní wàhálà. Ẹ ò lè dá èyí tó ti dín padà, ó ti lọ nìyẹn, ẹ lọ mú fọ́tò gidi níbi tẹ́ẹ tọ́jú ẹ̀ sí, ẹ fi Change Picture gbé e wọlé padà, kẹ́ẹ wá tún ṣí Compress Pictures, lọ́tẹ̀ yìí ẹ jẹ́ kí Apply only to this picture ní tíìkì, kẹ́ẹ mú 220. Kò ní fi 1 MB kún un.

4 MB tá a fi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ńkọ́? Ẹ lọ sí View, ẹ tẹ Slide Master. Ẹ wò ó lọ́wọ́ òsì, fọ́tò òrùlé Ìbàdàn tí wọ́n yà látòkè Mápó, ẹnìkan ló fi ṣe ẹ̀yìn sláìdì nígbà kan rí, kò sí sláìdì kankan tó ń lò ó mọ́, ẹ ò sì lè rí i tẹ́ẹ bá ń wo sláìdì yín lásán. Ẹ fi máósì dúró lórí ẹ̀, á sọ fún yín bóyá sláìdì kan ń lò ó, tí kò bá sí, ẹ pa á rẹ́. Fáìlì wa ti di bíi 5 MB báyìí.

Ẹnìkan lè máa sọ pé kí ló dé tí mi ò dúró ní 20 MB, ṣebí Gmail gbà tó 25. Ímeèlì kì í gbé fáìlì bó ṣe wà, ńṣe ló ń sọ ọ́ di lẹ́tà kó tó rìn, gbogbo báìtì mẹ́ta ń di lẹ́tà mẹ́rin, torí náà 20 MB á tó 27 lójú ọ̀nà. Bó bá sì gba tiyín kọjá, ti ẹni tó ń gbà á lè kọ̀ ọ́, ilé iṣẹ́ míì ti ti ilẹ̀kùn wọn pa sí 10 MB. Tí Mail Delivery Subsystem bá ti dá a padà fún yín tó ní size limit nínú, ohun tó ń wí nìyẹn. Ẹ ṣáà jẹ́ kó wà lábẹ́ 7, tó bá wà lábẹ́ 7, tó bá ti di lẹ́tà tán, kò ní kọjá 10.

Kẹ́ẹ tó tẹ Send, ẹ ṣí ẹ̀dà yẹn lórí fóònù, ẹ sún fọ́tò ẹtù yẹn súnmọ́ yín lẹ́ẹ̀kan sí i. Tí ìlà ẹ̀ bá dúró ṣinṣin, ẹ jẹ́ kó máa lọ s'Ékòó.