Àmì Àkọ́kọ́ àti Àmì Kejì: Bí A Ṣe Ń Mọ Ibi Tí Ìfẹ́ Ń Yí Sí Nínú Yì Jíng

Ẹ káàbọ̀ o. Kọ́ìnì mẹ́ta, bírò kan àti ìwé kan ló wà lórí tábìlì mi lónìí. Púpọ̀ nínú yín ti mọ bí a ṣe ń ju kọ́ìnì Yì Jíng, Ìwé Àyípadà àwọn ará Ṣáínà. Ohun tí ẹ ń bi mí ṣáá ni pé, "Àmì méjì ló jáde fún mi, èwo ni kí n gbàgbọ́ nínú wọn?" Ẹ jẹ́ kí a mú ẹjọ́ kan, kí a tẹ̀ lé e dé òpin.

Obìnrin kan ló ni ẹjọ́ náà. Ó fún mi láyè láti sọ ọ́, n kò sì ní dárúkọ rẹ̀. Òun àti ọkùnrin kan ti ń fẹ́ra wọn fún ọdún kan àtààbọ̀. Ọkùnrin yẹn ló kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ mọ̀mí-n-mọ̀ọ́ wá. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ náà kò jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ó ń pè é lórí fóònù bíi ti tẹ́lẹ̀, ó ń wá kí i, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ti kúrò níbẹ̀.

Ìbéèrè ni a kọ́kọ́ tún ṣe. Ohun tó gbé wá ni, "Ṣé ó fẹ́ràn mi?" Mo ní rárá, àmì onílà mẹ́fà kì í dáhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. A kọ ọ́ báyìí: "Ibo ni ọ̀rọ̀ èmi àti ọkùnrin yìí ń yí sí láti ìsinsìnyí títí di oṣù Kẹsàn-án?" Ẹ fi àkókò sí i, nítorí tí kò bá sí àkókò, ẹ kò ní mọ ibi tí àmì kejì dúró dè yín.

Ó yá, ẹ gbọn kọ́ìnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ẹ dà wọ́n sílẹ̀. Ojú tí orí ọba wà jẹ́ 3, ojú kejì jẹ́ 2. Ẹ ro wọ́n pọ̀: 6, 7, 8 tàbí 9 ni yóò jáde. 7 àti 9 jẹ́ ìlà gbọọrọ, 6 àti 8 jẹ́ ìlà tó já láàárín. 7 àti 8 jókòó jẹ́ẹ́. Àwọn méjì yòókù ló ń yí: 9 ti kún dé góńgó, nítorí náà yóò já; 6 ti ṣófo tán, nítorí náà yóò so pọ̀. Ìgbà mẹ́fà ni a ó jù ú, ìsàlẹ̀ sì ni a ti ń kọ ọ́ lọ sókè, bí ẹni ń mọlé láti ìpìlẹ̀. Ẹni tó bá kọ ọ́ láti òkè ti kọ àmì ẹlòmíràn.

(Ẹ̀yin tí ẹ ti rí babaláwo tó ń tẹ ojú odù sórí ìyẹ̀rosùn, tó ń tẹ ẹyọ kan níbí, méjì lọ́hùn-ún, mo mọ ohun tó ń lọ lọ́kàn yín. Ó jọra lóòótọ́. Àwọn odù jẹ́ 256, àwọn àmì yìí jẹ́ 64. Àmọ́ ẹ má fi ẹsẹ Ifá túmọ̀ àmì Ṣáínà. Oníkálùkù ló ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀.)

Ohun tó jáde fún obìnrin yìí, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ni 8, 8, 7, 9, 7, 8. Ẹ wò ó lójú ìwé mi: já, já, gbọọrọ, gbọọrọ, gbọọrọ, já. Mo fi òdo kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ ìlà kẹrin, nítorí pé 9 ni, òun nìkan ló sì ń yí.

Mẹ́ta ìsàlẹ̀ jẹ́ òkè ńlá, mẹ́ta òkè jẹ́ adágún omi. Adágún lórí òkè ńlá, àmì 31 nìyẹn, Ṣián, tí ó túmọ̀ sí kí ọkàn kan fọwọ́ kan ọkàn kejì. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ sọ pé bí a bá fẹ́ obìnrin sílé, ire ni. Òkè ńlá dúró fún ọmọkùnrin àbíkẹ́yìn, adágún dúró fún ọmọbìnrin àbíkẹ́yìn, àwọn alálàyé àtijọ́ sì sọ pé ọkùnrin ló rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ níwájú obìnrin. Ẹni tó bá ti rí ọkọ ìyàwó tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú àwọn àna yóò mọ irú ìrẹ̀lẹ̀ tí wọ́n ń sọ. Àmì àkọ́kọ́ ń sọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà báyìí, ibẹ̀ sì dára. Ìfẹ́ wà láàárín àwọn méjèèjì.

Ẹ wá yí ìlà kẹrin nìkan. Gbọọrọ di èyí tó já. Márùn-ún tó kù, ẹ dà wọ́n kọ bí wọ́n ṣe wà. Àwọn kan máa ń yí gbogbo ìlà pátá, wọn á ní àmì kejì ti jáde. Irọ́ ni, ìlà 6 àti 9 nìkan ló ń yí. Ohun tó jáde báyìí ni: já, já, gbọọrọ, já, gbọọrọ, já. Omi lórí òkè ńlá. Àmì 39 ni, Jián, ìdènà lójú ọ̀nà.

Ibí ni obìnrin náà ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹkún. "Ìdènà kẹ̀! Ó ti parí nìyẹn." Mo ní kó farabalẹ̀, a kò tíì fi wọ́n wé ara wọn.

Ẹ kọ́kọ́ wo apá tó yí. Lọ́dọ̀ tèmi àti lọ́dọ̀ púpọ̀ nínú àwọn tó ń ka àmì yìí, mẹ́ta ìsàlẹ̀ jẹ́ ti ẹni tó béèrè, mẹ́ta òkè jẹ́ ti ẹni kejì. Òkè ńlá wà nínú àmì méjèèjì, kò yẹsẹ̀. Obìnrin yìí ṣì dúró síbi tó wà. Ọ̀dọ̀ ọkùnrin ni nǹkan ti yí: adágún tó jẹ́ ìdùnnú ti di omi inú kòtò, èyí tó dúró fún ewu. Bí apá ìsàlẹ̀ bá ló yí ni, ìmọ̀ràn tí n bá fún un ì bá yàtọ̀ pátápátá.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ka ọ̀rọ̀ ìlà tó yí nínú àmì àkọ́kọ́. Jú Ṣì, onímọ̀ ará Ṣáínà tó gbé ayé láàárín 1130 sí 1200, fi ìlànà lélẹ̀ pé bí ìlà kan ṣoṣo bá yí, ọ̀rọ̀ ìlà yẹn ni ká gbé karí. Nínú àmì 31, ẹ̀yà ara ni àwọn ìlà ń tẹ̀ lé: àtàǹpàkò ẹsẹ̀ nísàlẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀yìn ojúgun, itan, títí dé ẹnu. Ìlà kẹrin bọ́ sí ibi ọkàn. Ohun tó sọ ni pé bí ẹni náà bá dúró ṣinṣin, ire ni, àbámọ̀ á lọ. Ṣùgbọ́n bí èrò rẹ̀ bá ń lọ tó ń bọ̀ láìsinmi, kìkì àwọn tó sún mọ́ ọn ni yóò tẹ̀ lé èrò náà. Ẹ rí i? Àyà ẹnì kan kò balẹ̀. Kò sí ibì kankan tí wọ́n ti sọ pé ìfẹ́ ti tán.

Èyí tó kàn ni mo fẹ́ràn jù, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì máa ń fò ó. Ẹ so àwọn ìlà ní méjì-méjì: èkíní pẹ̀lú ẹ̀kẹrin, èkejì pẹ̀lú ẹ̀karùn-ún, ẹ̀kẹta pẹ̀lú ẹ̀kẹfà. Bí ọ̀kan bá já tí èkejì jẹ́ gbọọrọ, wọ́n ń dá ara wọn lóhùn. Bí méjèèjì bá rí bákan náà, wọn kò gbọ́ ara wọn. Nínú àmì 31, ìsọ̀rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń dáhùn. Nínú 39, èkejì àti ẹ̀karùn-ún ṣì ń dáhùn, ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹfà ṣì ń dáhùn. Èkíní àti ẹ̀kẹrin nìkan ló bàjẹ́, ìyẹn ẹsẹ̀ àti ọkàn. Méjì nínú mẹ́ta ṣì so mọ́ra. Ọkàn ọkùnrin yìí ṣì ń fẹ́, ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ni kò gbéra mọ́.

Nísinsìnyí ẹ lè wo ìlà kan náà nínú àmì kejì, kí ẹ rí ohun tó dà. Ìlà kẹrin 39 sọ pé: lílọ, ìdènà ni, bíbọ̀, ìsopọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ àmì 39 fúnra rẹ̀ tún ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn dára, àríwá ìlà oòrùn kò dára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹnì kan ti pè mí pé ṣé kí òun padà sí Ìbàdàn nítorí pé gúúsù ìwọ̀ oòrùn ni! Rárá o. Nínú ètò àwọn ará Ṣáínà, ilẹ̀ títẹ́jú ló wà ní igun yẹn, òkè ńlá ló wà ní igun kejì. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé kí a gba ibi pẹrẹsẹ, kí a má fipá gun òkè.

Mo wá sọ fún obìnrin náà pé: láti inú ìfẹ́ tó ń ta síra wọn, ọ̀rọ̀ yín ń lọ síbi ìdádúró. Ẹrù kan wà lọ́dọ̀ rẹ̀ tí kò tíì sọ. Bí o bá fi mọ̀mí-n-mọ̀ọ́ há a mọ́ ògiri, òkè lò ń gùn yẹn. Bi í léèrè lọ́nà pẹ̀lẹ́ pé kí ló ń dà á láàmú. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Gbèsè ló wà lọ́rùn ọkùnrin náà, ojú sì ń tì í láti sọ.

Ẹ kíyè sí i pé n kò sọ fún un pé gbèsè ni. Àmì náà kò lè sọ ìyẹn, kò sì sọ ọjọ́ tí ìdènà yóò kúrò. Ó fẹ́ ká tún kọ́ìnì jù lọ́jọ́ kan náà, mo kọ̀. Àmì 4 ti sọ ọ́ fúnra rẹ̀: ìbéèrè àkọ́kọ́ ni mo dáhùn, ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ̀ẹ̀kẹta ti di ìyọlẹ́nu, n kò ní sọ mọ́. Bí kò bá sí ìlà kankan tó yí, kò sí àmì kejì nìyẹn. Ọ̀rọ̀ àmì àkọ́kọ́ ni kí ẹ kà, ẹ má fipá wá àyípadà. Bí mẹ́ta bá yí, Jú Ṣì ní kí ẹ fi ọ̀rọ̀ gbogbogbòò àmì méjèèjì síra wọn.

Ẹ tún wo bí ìlà kan ṣe ń darí ọ̀nà. Bí ó bá jẹ́ ìlà kẹta 31 ló yí, tí ẹ̀kẹrin dúró, adágún lórí ilẹ̀ ni ì bá jáde, àmì 45, ìpéjọ. Apá ìsàlẹ̀ ló yí lọ́tẹ̀ yìí, ìyẹn ọ̀dọ̀ ẹni tó béèrè. Ìlà itan ni, ó ń kìlọ̀ fún ẹni tó kàn ń tẹ̀ lé ẹlòmíràn káàkiri. Àmì àkọ́kọ́ kan náà, tọkọtaya ọ̀tọ̀.

Ẹ dá fídíò dúró níbí, ẹ yí ìlà kẹfà 31 nìkan, kí ẹ so àwọn ìlà ní méjì-méjì bí mo ṣe ṣe. Àmì 33, ìpadàsẹ́yìn, ló yẹ kó wà lójú ìwé yín. Ìlà ẹnu àti ahọ́n ni ẹ yí yẹn, ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹfà sì ni kò gbọ́ ara wọn mọ́.