Àlọ nìkan, àlọ-àbọ̀, àbí èyí tó ṣí sílẹ̀? Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹni tó bá ń gbé London tó sì ní ẹbí ní Manchester á mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Wọ́n pè yín síbi ìsọmọlórúkọ ní Sátidé. Ẹ ṣí fóònù láti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin, ni orúkọ oríṣiríṣi bá tò sílẹ̀ níwájú yín: Advance Single, Off-Peak Single, Off-Peak Return, Anytime Return. Ẹ wo èyí tí owó rẹ̀ kéré jù, ẹ tẹ̀ ẹ́, ó parí. Ẹ dúró ná! Ibẹ̀ gan-an lowó ti ń bọ́ lọ́wọ́ wa.

Mi ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń sanwó lórí fóònù, ẹ ti mọ ìyẹn. Single ni àlọ nìkan, Return ni àlọ àti àbọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ rèé: lórí ọ̀pọ̀ ọ̀nà níbí, àlọ nìkan kì í ṣe ìdajì àlọ-àbọ̀. Ìyàtọ̀ àárín wọn lè má ju pọ́n-ùn kan lọ! Àwọn ọ̀nà kan wà tó jẹ́ pé pẹ́nì mẹ́wàá péré ni. Nítorí náà, ẹni tó ra àlọ nìkan láàárọ̀, tó tún lọ ra àlọ nìkan mìíràn nígbà tó ń bọ̀ nílé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ san ìlọ́po méjì. Mo tún un sọ: Ẹ MÁ RA SINGLE LÓRÍ KÁŃTÀ LÁÌ BÉÈRÈ IYE RETURN.

Tí ibi tí ẹ ń lọ ò bá jìnnà, ẹ máa rí Day Return. Bí àmàlà ló rí lójú tèmi. Àmàlà gbígbóná ò lẹ́gbẹ́, kò sì wọ́n, ṣùgbọ́n ta ló ń jẹ àmàlà àná? Ọjọ́ tí wọ́n rò ó náà ni wọ́n ń jẹ ẹ́. Day Return ò fún yín láyè láti sùn síbẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ lọ náà lẹ gbọ́dọ̀ bọ̀. Àánú díẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ ni pé ọjọ́ rélùwéè kì í parí lọ́gànjọ́ òru, aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ló ń parí, ká sọ pé 04:29. Ẹni tí ayẹyẹ bá pẹ́ kó tó túká ṣì lè bá ọkọ̀ tó gbéra lẹ́yìn aago méjìlá òru délé. Tó bá kọjá ìyẹn, bébà lásán lẹ mú lọ́wọ́. Lórí ọ̀nà jíjìn bíi London sí Manchester, ẹ lè má rí i rárá, ẹ má fi wàhálà wá a.

Ó wá ku èyí tí gbogbo èèyàn ń ṣì mú. Open return! Láti ọdún 2008 ni wọ́n ti tún àwọn orúkọ tíkẹ́ẹ̀tì tò, torí náà ẹ lè má rí ọ̀rọ̀ náà lójú fóònù. Off-Peak Return tàbí Anytime Return lẹ máa rí, àwọn lèèyàn ṣì ń pè ní open return lẹ́nu. Àǹfààní wọn ni pé ọjọ́ àbọ̀ ṣí sílẹ̀: láàárín oṣù kan sí ọjọ́ tí ẹ lọ, ọjọ́ tó bá wù yín lẹ lè padà. Ẹ̀yin tí ẹ ní àǹtí bíi tèmi, tó máa ń sọ pé, “Ta ló ń lọ lónìí? Jókòó o jàre, ọbẹ̀ ṣì wà lórí iná,” ẹ̀yin ni wọ́n ṣe é fún.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ dáadáa. ỌJỌ́ LÓ ṢÍ SÍLẸ̀, AAGO Ò ṢÍ SÍLẸ̀! Tí wọ́n bá kọ Off-Peak síbẹ̀, ẹ ò lè fi wọ ọkọ̀ ní wákàtí tí èrò pọ̀; Anytime nìkan ló gba gbogbo wákàtí. Lọ́pọ̀ ìlú ńlá, ó di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ àárọ̀, láti Mọ́ńdè sí Fúráìdè, kó tó ṣeé lò. Lórí àwọn ọ̀nà kan tó jáde láti London, ìrọ̀lẹ́ náà ń bẹ nínú ẹ̀. Sátidé àti Sọ́ńdè kì í sábà ní wàhálà. Mo rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ọkọ̀ àárọ̀ Mọ́ńdè tó ń na tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sí òṣìṣẹ́ ọkọ̀, tó ń pariwo pé oṣù kan ò tíì pé. Òótọ́ ni, oṣù ò tíì pé. Aago méje àárọ̀ ni wọ́n wà! Ó san àfikún láti fi kún owó rẹ̀ dé iye Anytime. Ọjọ́ àlọ náà kì í ṣí: ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ sára Off-Peak Return náà lẹ gbọ́dọ̀ lọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Mo kàn fẹ́ lo iye tó rọrùn láti kà, kì í ṣe iye òní. Ká ní Off-Peak Return lọ Manchester jẹ́ pọ́n-ùn 100, Off-Peak Single jẹ́ 99. Advance Single, èyí tí ẹ ti rà sílẹ̀ ṣáájú fún ọkọ̀ kan ṣoṣo, jẹ́ 35 ní àlọ, 40 ní àbọ̀. Advance méjì jẹ́ 75. Ẹ ti fi 25 pamọ́! Àmọ́ tí àǹtí bá dá yín dúró tí ọkọ̀ yín fi lọ, 40 yẹn ti jóná, ẹ ó tún ra Single 99. Gbogbo ẹ̀ wá di 174. Ẹni tó ra Return jókòó ní tirẹ̀, ó ń jẹ ìrẹsì.

Àwọn kan á ní, “Màá ra Advance lọ, màá ra Off-Peak Single bọ̀.” 35 pẹ̀lú 99, 134 nìyẹn. Ó ju Return lọ! Níbi tí Single bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó Return, àdàlù yẹn ò ṣiṣẹ́.

Ibi tó ti lè ṣiṣẹ́ ni àwọn ọ̀nà kan lórí LNER, iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin tó ń gbéra ní King's Cross ní London lọ sí àríwá. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, wọ́n yọ Return kúrò lórí ọ̀pọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì wọn, wọ́n sì fi Single sí nǹkan bí ìdajì owó Return. Ká tún lo ìṣirò wa: Advance 35 lọ, Single 50 bọ̀, 85. Ẹ ti mọ ọkọ̀ tí ẹ máa bá lọ torí ẹ ò fẹ́ pẹ́ dé ibi ìsọmọlórúkọ. Àbọ̀ lẹ ò mọ̀, òun lẹ wá fi Single tó gba ọkọ̀ tó bá wù yín ní wákàtí tirẹ̀ ṣe. Mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an.

Tí ẹ bá sì ti ra Advance, tí ẹ wá rí i lágogo méjì pé wọn ò tíì gbé oúnjẹ jáde, ẹ lè yí i sí ọkọ̀ mìíràn. Pọ́n-ùn 10 lowó àyípadà lọ́pọ̀ ibi, pẹ̀lú ìyàtọ̀ owó ọkọ̀ tuntun tó bá wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀. KÍ ỌKỌ̀ TÓ GBÉRA ni o. Tó bá ti gbéra báyìí, kò sẹ́ni tó máa yí i fún yín.