Títún Ìkéde Àdúgbò Kọ: Ẹ Kọ́kọ́ Pín Ọ̀rọ̀, Kí Ẹ Tó Fi Àmì Sí I

Ẹ̀yin òǹwòran wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ìkéde tí ó wà lójú fídíò yìí. Mo kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ìkéde ẹgbẹ́ onílé ṣe máa ń rí nígbà tí akọ̀wé bá ń yára tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù:

> IKEDE PATAKI. A nfi asiko yi kede fun gbogbo onile ati ayalegbe adugbo wa wipe, ipade osoosu yio waye lojo satide tonbo, ni dede agogo mewa aro, ni gbongan ile iwe alakobere, gbogbo enia gbodo wa, enikeni tiko bawa yio san owo itanran, ejowo emase da idoti sinu gota mo nitoripe ojo tide.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èmi kò gbà pé ibẹ̀ ni ó yẹ kí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ mẹ́ta bá so mọ́ra bí ọ̀kan ṣoṣo, kò sí bí a ṣe lè mọ àmì tí ó tọ́ sí ìkọ̀ọ̀kan wọn. Ẹ wo “bawa” nínú ìkéde yìí. Bí a bá pín in, tí a kọ ọ́ ní “bá wá”, ẹni tí kò yọjú sí ìpàdé ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí. Bí a bá kọ “bá wa”, òǹkàwé yóò máa retí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́yìn rẹ̀: ta ni kò bá wa, kí ni kò bá wa ṣe? Owó ìtanràn wà lórí gbólóhùn yìí, nítorí náà kò yẹ kí ó rú ẹnikẹ́ni lójú.

Báwo ni a ṣe ń mọ ibi tí ó yẹ kí a ti pín ọ̀rọ̀? Ẹ wò ó bóyá ọ̀rọ̀ mìíràn lè wọ àárín wọn láìba gbólóhùn jẹ́. Nínú “tiko”, a lè sọ pé “tí wọn kò”, tàbí “tí ọmọ rẹ̀ kò”; èyí fi hàn pé “tí” dá dúró, “kò” náà sì dá dúró. Nínú “emase”, Yorùbá máa ń sọ pé “ẹ kúkú má ṣe”, nítorí náà “ẹ” kò lẹ̀ mọ́ “má”. Ní ti “nitoripe”, a ní “nítorí náà”, a sì ní “nítorí rẹ̀”, èyí tí ó fi hàn pé “nítorí” kò nílò “pé” kí ó tó lè jẹ́ ọ̀rọ̀. “Tide” di “ti dé”, “tonbo” di “tí ó ń bọ̀”, “ejowo” sì di “ẹ jọ̀wọ́”. Ní ti “nfi”, “ń” tí ó ń fi iṣẹ́ tí ó ń lọ lọ́wọ́ hàn máa ń dá dúró níwájú ọ̀rọ̀-ìṣe, ó sì máa ń ní àmì ohùn òkè lórí: “a ń fi”.

Àṣejù wà nínú pínpín pẹ̀lú. “Ẹnikẹ́ni” kò ṣe é là sí méjì, bẹ́ẹ̀ ni “oṣooṣù” àti “wáyé”. Ẹ lè kọ “sínú”, ẹ sì lè kọ “sí inú”, ṣùgbọ́n “sí nú” kì í ṣe ọ̀rọ̀ Yorùbá. “Ilé ìwé” ni àríyànjiyàn díẹ̀ wà lé lórí, nítorí pé àwọn kan ń fi àmì ìsopọ̀ sí i, àwọn mìíràn kò sì fi sí i. Mo fara mọ́ “ilé-ìwé”. Ohun tí n kò fara mọ́ ni kí a kọ ọ́ ní oríṣi méjì nínú ìkéde kan ṣoṣo.

Ẹ̀yìn èyí ni kí a wá wo àkọtọ́. “Yio”, “enia”, “yi” àti “na” kì í ṣe àṣìṣe ìka lórí fóònù lásán. Àkọtọ́ àtijọ́ ni wọ́n, èyí tí ó wà nínú Bíbélì àti ìwé orin tí àwọn àgbà wa ṣì ń kà, ìdí sì nìyí tí wọ́n fi ń jáde láti ọwọ́ akọ̀wé tí ó gbọ́ Yorùbá dáadáa. Àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 sọ pé kí a kọ ohun tí etí gbọ́: “yóò”, “ènìyàn”, “yìí”, “náà”. Bí ohùn bá fà, kí fáwẹ̀lì jẹ́ méjì. Ìdí nìyí tí “aro” fi di “àárọ̀”, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé aró aláró ni a ń sọ, tí “mewa” sì fi di “mẹ́wàá”. “Aago” ni a ń kọ fún àkókò báyìí. “Wipe” kò sì pọn dandan níhìn-ín rárá: lẹ́yìn “kéde”, “pé” nìkan ti tó, nítorí pé “wí” ti wà nínú ìkéde fúnra rẹ̀.

Ní ti ìdánudúró, kọ́mà ni akọ̀wé yìí fi so gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀. Kọ́mà tí ó tẹ̀ lé “pé” gbọ́dọ̀ kúrò, nítorí pé ohun tí a ń kéde ni ó kàn tààrà. Lẹ́yìn náà, ẹ ka ìkéde náà sókè: ibi tí ọ̀rọ̀ ìpàdé parí sí, kí ibẹ̀ gba àmì ìdánudúró pátápátá. Àṣẹ pé kí gbogbo ènìyàn wá, ọ̀rọ̀ ìtanràn, àti ẹ̀bẹ̀ nípa gọ́tà, kí olúkúlùkù ní gbólóhùn tirẹ̀.

Ohun kan wà tí olótùú kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún ṣe. “Sátidé tí ó ń bọ̀” lè jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ yìí, ó sì lè jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ tí ń bẹ níwájú. Ẹ bi akọ̀wé léèrè. Bí ó bá dáhùn pé ọjọ́ 14, oṣù Kẹta ni, nígbà náà ni kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ ni kí ó kẹ́yìn:

> ÌKÉDE PÀTÀKÌ
>
> A ń fi àsìkò yìí kéde fún gbogbo onílé àti ayálégbé àdúgbò wa pé ìpàdé oṣooṣù yóò wáyé ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 14, oṣù Kẹta, ọdún 2026, ní déédéé aago mẹ́wàá àárọ̀, ní gbọ̀ngàn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ wá. Ẹnikẹ́ni tí kò bá wá yóò san owó ìtanràn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe da ìdọ̀tí sínú gọ́tà mọ́, nítorí pé òjò ti dé.

Bí ó bá jẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́ lásán orí fóònù ni ẹgbẹ́ yóò fi ránṣẹ́, ẹ rántí pé ojú ìwé kan gba lẹ́tà 160 bí kò bá sí àmì lórí ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n bí “ẹ” tàbí “ọ” kan ṣoṣo bá wọ inú rẹ̀, 70 péré ni yóò gbà, owó yóò sì lé sí i. Ẹ kọ́kọ́ dín ọ̀rọ̀ kù: ọjọ́, aago, ibi ìpàdé àti ìtanràn ti tó. Bí ó bá wá di dandan kí a yọ àmì kúrò, tí ọ̀rọ̀ òjò sì ṣì wà nínú rẹ̀, ẹ fi “asiko ojo” rọ́pò “ojo” tí ó dúró fún òjò, kí òǹkàwé má baà kà á sí “ọjọ́”, kí ẹ sì fi pínpín ọ̀rọ̀ àti ìdánudúró sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, nítorí pé àwọn méjèèjì kò dín 160 náà kù sí 70.