Wọ́n ní kí n ṣe rẹ́fírẹ́ǹsì, wọn ò fún mi ní ìwé kankan

Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan fi ránṣẹ́ sí mi lórí Wasáàpù lálẹ́ ọjọ́ kan: "Ẹ káalẹ́ sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣe rẹ́fírẹ́ǹsì pírójẹ́ẹ̀tì mi. Ọ̀túnla ni mo fẹ́ gbé e fún súpáfáísọ̀ mi." Ó parí síbẹ̀. Kò dárúkọ ìwé kan, kò dárúkọ òǹkọ̀wé kan, kò sì sọ irú ìlànà tí ẹ̀ka wọn ń lò. Pírójẹ́ẹ̀tì náà gan-an kò bá ọ̀rọ̀ náà wá.

Iṣẹ́ mi ni láti máa bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹ pírójẹ́ẹ̀tì wò kí wọ́n tó fi sílẹ̀, irú ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í ṣàjèjì sí mi mọ́. Ẹ jẹ́ kí n mú yín gba ọ̀nà tí èmi àti ọmọ náà gbà, títí rẹ́fírẹ́ǹsì náà fi jáde.

Ohun tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kò mọ̀ ni pé àkójọ ìwé ìtọ́kasí kì í ṣe àkójọ ìwé tó sọ̀rọ̀ nípa kókó iṣẹ́ wọn. Ìwé tí wọ́n dárúkọ nínú iṣẹ́ wọn nìkan ló ń wọ ibẹ̀. Bí mo bá lọ ṣa ìwé 20 nípa ìtàn Ọ̀yọ́, tí í ṣe kókó iṣẹ́ rẹ̀, jọ láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí mo tò wọ́n dáadáa, irọ́ ni mo pa mọ́ ọmọ náà, nítorí kò ka ọ̀kankan nínú wọn. Fún ìdí èyí, inú iṣẹ́ tirẹ̀ la ti máa bẹ̀rẹ̀. Mo ní kí ó fi fáìlì rẹ̀ ránṣẹ́.

Nígbà tó dé, mo tẹ `Ctrl+F`, mo sì wá àmì `(`. Bí mo ṣe ń lọ láti ibì kan dé ìkejì, mo ń kọ gbogbo orúkọ àti ọdún tí mo bá rí sínú ìwé. Lẹ́yìn náà ni mo wá `19` àti `20`, kí n lè rí àwọn ọdún tí kò sí nínú àkámọ́. Orúkọ 14 ló jáde. Àkójọ náà ti ní egungun báyìí, ẹran ló kù.

[Ojú ìwé pírójẹ́ẹ̀tì hàn, a fi àwọ̀ sàmì sí "Johnson, 1921"]

Ẹ jẹ́ ká dúró lórí ọ̀kan. Nínú orí kejì, ó kọ "(Johnson, 1921)", ìwé The History of the Yorubas ló ń tọ́ka sí. Mo bi í pé Johnson wo? Ó ní Obadiah. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìtàn ìwé náà ti mọ ibi tí ó ti ṣì í. Samuel Johnson, pásítọ̀ tó ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yọ́, ló kọ ọ́. Ó parí rẹ̀ ní 1897, ó fi ránṣẹ́ sí òkè òkun fún títẹ̀, ìwé àfọwọ́kọ náà sì sọnù lọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé. Samuel kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Obadiah, tó jẹ́ dókítà, ló fi àwọn àkọsílẹ̀ tó kù tún iṣẹ́ náà tò, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921. Samuel ni òǹkọ̀wé, Obadiah ni olóòtú. Bí a bá fi "O." síwájú, a ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ni í.

Kò tán síbẹ̀. Mo bi í pé èwo gan-an lo dì mú? Ó ya ojú ìwé tó wà lẹ́yìn àkọlé ní fọ́tò fún mi. Ojú ìwé yẹn ni kí ẹ máa béèrè nígbà gbogbo, kì í ṣe èèpo ẹ̀yìn, torí ibẹ̀ ni orúkọ ilé ìtẹ̀wé àti ọdún wà. Àtúntẹ̀ Cambridge ti 2010 ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún méjèèjì gbọ́dọ̀ hàn nìyẹn: nínú iṣẹ́ rẹ̀, yóò di (Johnson, 1921/2010). Bó bá fa ọ̀rọ̀ yọ, nọ́ńbà ojú ìwé ti 2010 ni yóò kọ, torí nọ́ńbà ojú ìwé lè yí padà láti ìtẹ̀jáde kan sí òmíràn.

Ó wá ku ìlànà. Ó ní, "APA ni, sà." Mo ní APA kelòó? Kò mọ̀. Ẹ̀dà keje ti jáde láti 2019, ṣùgbọ́n ìwé ìtọ́sọ́nà àwọn ẹ̀ka kan ṣì ń tẹ̀ lé ẹ̀dà kẹfà. Mo ní kó wá ìwé ìtọ́sọ́nà ẹ̀ka wọn, kó ya ojú ìwé tó sọ̀rọ̀ rẹ́fírẹ́ǹsì. Àpẹẹrẹ inú rẹ̀ ní orúkọ ìlú kí ó tó kan ilé ìtẹ̀wé, èyí tó fi hàn pé ẹ̀dà kẹfà ni, torí ẹ̀dà keje ti yọ ìlú kúrò. Ẹ wò ó:

```
Johnson, S. (2010). The history of the Yorubas:
From the earliest times to the beginning of the
British Protectorate (O. Johnson, Ed.). Cambridge,
England: Cambridge University Press. (Original
work published 1921)
```

Ká ní ẹ̀dà keje ni, "Cambridge, England:" ni a ó yọ. Ká ní MLA ni, a ó kọ "Samuel" ní kíkún, ọdún yóò sì bọ́ sí ìparí. Ẹ rí i pé ìwé kan náà ni, síbẹ̀ ẹni tí kò mọ ìlànà kò lè kọ ọ́ tán.

Orúkọ 11 nínú 14 ló ní fọ́tò tàbí fáìlì fún. Fún méjì, ó jẹ́wọ́ pé òun kò ka ìwé náà, inú ìwé ẹlòmíràn lòun ti rí ọ̀rọ̀ wọn. Mo fẹ́ràn pé ó sọ òótọ́. APA ní ọ̀nà fún èyí: nínú iṣẹ́, a ó dárúkọ ẹni tó sọ ọ̀rọ̀, a ó sì fi kún un pé inú ìwé ẹni báyìí la ti rí i. Ìwé tí ó kà nìkan ni yóò wọ àkójọ.

Ó ṣẹ́ ku ọ̀kan, àròkọ inú jọ́nà tó dà kọ láti inú pírójẹ́ẹ̀tì ẹnì kan tó ti jáde ṣáájú rẹ̀. Ó ní nọ́ńbà DOI, nítorí náà mo tẹ `https://doi.org/` mo sì lẹ nọ́ńbà náà mọ́ ọn. Àròkọ mìíràn pátápátá ló gbé wá, nípa àrùn ẹran ọ̀sìn. Mo lọ sórí ojú ewé jọ́nà náà, mo ṣí ìdìpọ̀ ọdún tí wọ́n kọ: ojú ìwé 211 ni wọ́n ní àròkọ náà ti bẹ̀rẹ̀, ìdìpọ̀ yẹn kò sì dé 180. Mo wá àkọlé náà láàárín àmì àyọlò lórí Google Scholar, kò sí. Ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ́ ló dá a sílẹ̀ látinú ara rẹ̀, àwọn tó tẹ̀ lé e kàn ń dà á kọ ni.

Ó bi mí bóyá kò lè fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí súpáfáísọ̀ lè má yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ní rárá. Ó wo gbólóhùn tí àròkọ náà ń gbè lẹ́sẹ̀ nínú orí kẹta, ó rí i pé òun kò ní ẹ̀rí mìíràn fún un, ó sì pa gbólóhùn náà rẹ́. Ìwé 11 tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, pẹ̀lú ìwé méjì tó ti inú wọn rí ọ̀rọ̀ àwọn méjì tí kò kà, ló wọ àkójọ náà lọ́jọ́ tó fi sílẹ̀.