Ẹ Fẹ́ Kó Wá sí Fúlàtì Ìsàlẹ̀? Ẹ Kọ́kọ́ Ṣírò Owó Tó Kù Lókè

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹni tó pọn ọmọ oṣù méjì, tó gbé kẹ́ẹ̀gì omi lọ́wọ́, tó ń gun àtẹ̀gùn lọ sí òkè kejì, ẹnikẹ́ni ò ní í ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ fún un pé ìsàlẹ̀ sàn. Màmá àgbà tí orúnkún ń dùn náà mọ̀ ọ́n.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ ilé kan náà ni, kò ju kí wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì sọ̀ kalẹ̀ lọ. Ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fúlàtì òkè lẹ ń dá padà fún onílé, ẹ sì ń gba ti ìsàlẹ̀ lákọ̀tun. Òfin Ilé Yíyá ti Ìpínlẹ̀ Èkó, ti ọdún 2011, kò fi dandan mú onílé pé kó gbà fún yín. Ẹ̀bẹ̀ ni ẹ máa bẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ẹ ń bẹ̀ fún.

Ẹ jẹ́ ká fi Ìyá Ìbejì kan ṣe àpẹẹrẹ, ní Sùúrùlérè. 600,000 náírà ni fúlàtì wọn lókè kejì lọ́dún kan, oṣù kìíní ni wọ́n sì san án. Nígbà tí oṣù kẹrin ń parí lọ, ẹni tó wà nísàlẹ̀ kó jáde. Ìyá Ìbejì lọ bá onílé: "Bàbá, ẹ kú ilé o. Ojú abẹ tí wọ́n fi gba ẹ̀bí mi kò tíì jinná, àwọn ọmọ sì jẹ́ méjì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká bọ́ sísàlẹ̀." Bàbá ní kò burú, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ti di 720,000, kí wọ́n lọ mú un wá.

Ẹ dúró níbẹ̀ yẹn. Oṣù mẹ́rin péré ni wọ́n tíì lò lókè. Oṣù mẹ́jọ ló kù, 50,000 lóṣù kan, 400,000 náírà nìyẹn. Bí Bàbá bá gba 720,000 pé, tó tún fi òkè fún ayálégbé mìíràn, owó oṣù mẹ́jọ kan náà ló gbà lẹ́ẹ̀mejì yẹn.

Ọ̀nà méjì ló wà. Wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ ọdún tuntun láti oṣù karùn-ún, kí wọ́n yọ 400,000 kúrò nínú 720,000, kí wọ́n san 320,000. Tàbí kí wọ́n jẹ́ kí ọdún ti tẹ́lẹ̀ máa lọ, kí wọ́n kàn fi 10,000 kún oṣù kọ̀ọ̀kan, 80,000 lápapọ̀ títí di ìparí ọdún. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tí owó ìkómọ ti gbọ́n àpò rẹ̀ gbẹ, èkejì ni màá ní kó bẹ̀bẹ̀ fún.

Ohun tí mo rí tó máa ń bọ́ lójú èèyàn nìyí. Bí ẹ bá ti fẹnu kò, ẹ jẹ́ kí ó wọ inú àgíríìmẹ́ǹtì pé ayálégbé ọlọ́dọọdún lẹ ṣì jẹ́. Nínú òfin yẹn, bí àgíríìmẹ́ǹtì kò bá sọ nǹkan mìíràn, ìwé oṣù mẹ́fà ni onílé máa fún ọlọ́dọọdún kó tó lè lé e; oṣù kan péré ni ti olóṣooṣù. Àfikún 10,000 lóṣooṣù yẹn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ di owó ilé olóṣooṣù. Ẹ gba rìsíìtì rẹ̀. Ẹ sì ní kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kọ́ṣọ̀n fíì tí ẹ san fún òkè ti di ti ìsàlẹ̀. Ní ti èjẹ́ńtì tó bá tún ń béèrè owó ìwálé: ilé wo ló bá yín wá?

Kí ẹ tó sanwó, ẹ lọ wo ìsàlẹ̀ lẹ́yìn òjò. Ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wo ìdí ògiri lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bí ọ̀dà bá ń ṣí, tí ìyẹ̀fun funfun ń jáde, omi ń fà láti inú ilẹ̀ nìyẹn. Ẹ tún padà lọ lálẹ́, nígbà tí iná bá lọ. Níbo ni àwọn aládùúgbò ń gbé jẹnẹrétọ̀ sí? Bó bá jẹ́ abẹ́ fèrèsé yàrá tí ọmọ máa sùn sí ni, ẹ má wọlé títí wọ́n á fi gbé e kúrò, torí gáàsì olóró tó wà nínú èéfín rẹ̀ ń pani láìrùn.

Lọ́jọ́ ìkólọ, ẹ ya fọ́tò gbogbo yàrá òkè, ẹ ya fọ́tò mítà méjèèjì. Yúnìtì tó kù nínú mítà òkè kò lè bá yín sọ̀ kalẹ̀, nítorí náà ẹ lò ó tán kó tó di ọjọ́ náà. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá gbèsè wà lórí ti ìsàlẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ òkè ńkọ́? Ọwọ́ yín ni kó wà títí ti ìsàlẹ̀ á fi tẹ̀ yín lọ́wọ́.