Páwà Páàkì Tí Kò Lè Gbé Ẹrù: Ìdí Tí Kọ̀m̀pútà Fi Ń Kú Lójijì

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọ̀gá àti ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ wa lónìí dá lórí kọ̀m̀pútà tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà tí ẹni tó ni ín bá ń tẹ̀wé, àmọ́ tó ń kú lójijì ní kété tó bá ṣí géèmù. Kò kọ ohunkóhun sójú, kò sì gbóná jù. Ó kàn kú bí ìgbà tí ènìyàn fa wáyà rẹ̀ yọ ni. Èrò tèmi ni pé páwà páàkì ni kí a kọ́kọ́ fura sí, àti pé ìwọ̀n tí a wọ̀n nígbà tí ẹ̀rọ ń sinmi kò lè dá a láre.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀rọ kan tí wọ́n gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù wa. Wọ́n kọ 500W gàdàgbà sára páwà páàkì rẹ̀. Àmọ́ nígbà tí a ka ìwé kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a rí i pé áńpíà 16 péré ni ìlà +12V lè gbé. Ẹ sọ 16 di púpọ̀ lọ́nà 12, wáàtì 192 ni. Káàdì gíráfíìkì GTX 1060 tó wà nínú ẹ̀rọ náà ń jẹ wáàtì 120 nígbà tí géèmù bá le, purosẹ́sọ̀ ń jẹ 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, fáànù àti dísíkì náà ń jẹ tiwọn, orí ìlà 12V yìí sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú gbogbo rẹ̀ ti ń wá. Apá kan nínú 500 tí wọ́n kọ yẹn wà lórí ìlà 5V àti 3.3V, níbi tí kọ̀m̀pútà òde òní kò ti fi bẹ́ẹ̀ nílò rẹ̀. N ò ní yéé sọ ọ́: áńpíà ìlà 12V ni kí ẹ kà, ẹ má jẹ́ kí wáàtì gàdàgbà tàn yín.

Nígbà tí ẹrù bá ju agbára lọ, fólìtì 12 yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ìlànà ATX gbà kó wà láàárín 11.4 sí 12.6. Bí kapásítọ̀ inú páwà páàkì bá ti gbó, ọ̀ràn náà á burú sí i, nítorí káàdì gíráfíìkì máa ń ṣàdédé fa iná púpọ̀ láàárín ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá, kapásítọ̀ tó gbó kò sì lè dí àlàfo yẹn. Páwà páàkì á wá yọ àmì tó fi ń sọ fún bọ́ọ̀dù pé iná dára, ẹ̀rọ á sì kú tàbí kó tún ara rẹ̀ tàn. Bó bá jẹ́ pé ààbò inú páwà páàkì fúnra rẹ̀ ló pa á, ó sábà máa ń kọ̀ láti tàn títí ẹ ó fi yọ ọ́ kúrò lára iná fún ìgbà díẹ̀.

Àwọn kan máa ń so wáyà àwọ̀ ewé mọ́ dúdú, tí fáànù bá ti yí, wọ́n á ní páwà páàkì dára. N ò fara mọ́ ọn rárá! Àṣẹ pé kó tàn ni wáyà àwọ̀ ewé ń pa. Fáànù kan ṣoṣo kì í ṣe ẹrù.

Ohun tí a ṣe nìyí. A fi mítà sí DC 20, a ki ẹnu dúdú rẹ̀ bọ ojú wáyà dúdú nínú ẹnu wáyà dísíkì tí kò sí lílò, a ki ẹnu pupa bọ ojú wáyà yẹ́lò. Ẹ má ṣí páwà páàkì fúnra rẹ̀ o: kapásítọ̀ ńlá inú rẹ̀ lè ṣì mú fólìtì tó lé ní 300 lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ọ́ kúrò lára iná. Nígbà ìsinmi, mítà ka 12.08. A tan FurMark láti di ẹrù ru káàdì gíráfíìkì, a sì tan Prime95 fún purosẹ́sọ̀. Ó wá sí 11.7, ó dé 11.5, ó kan 11.3, ẹ̀rọ sì kú.

A tún un tàn, a ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí Administrator, a wá dín ohun tí káàdì ń jẹ kù sí wáàtì 80:

```
nvidia-smi -pl 80
```

Ẹrù kan náà ni a tún gbé lé e lórí, àmọ́ kò kú mọ́.

Ibí yìí ni ọ̀gbẹ́ni kan láàárín àwọn olùgbọ́ ti béèrè pé, "Ọ̀gá, ṣé kì í ṣe iná Nẹ́pà tó rẹlẹ̀ ló fà á?" Ìbéèrè náà dára débi pé mo fi ohun tí mo fẹ́ sọ tẹ̀ lé e sílẹ̀. Bí iná ògiri bá rẹlẹ̀, páwà páàkì gbọ́dọ̀ fa áńpíà púpọ̀ sí i láti pèsè wáàtì kan náà, èyí tó dára pàápàá sì lè kú bó bá rẹlẹ̀ jù. Nítorí náà, ẹ fi mítà kejì sí ojú iná ògiri, kí ẹ sì ka méjèèjì pọ̀ lábẹ́ ẹrù. Bí ti ògiri bá já wálẹ̀ gan-an kí ẹ̀rọ tó kú, tí 12V kò sì mì, ẹ wá àtúnṣe sí iná ilé. Lọ́dọ̀ tiwa, ti ògiri dúró síbi tó wà, 12V nìkan ló wálẹ̀.

Àkókò ti ń lọ, n ó ké ìyókù kúrú. Event Viewer yóò kọ Kernel-Power 41, àmọ́ ohun tí ìyẹn ń sọ kò ju pé ẹ̀rọ kú láìgba àṣẹ lọ. Mítà kò lè rí ìjáwálẹ̀ tó yára jù, nítorí náà bí ìwọ̀n bá dára tí ẹ̀rọ ṣì ń kú, ẹ yá páwà páàkì mìíràn tó dá yín lójú, kí ẹ sì tún ẹrù kan náà gbé lé e. A fi èyí tí ìlà 12V rẹ̀ gbé áńpíà 35 dán tiwa wò, ó sì dúró sí 11.95 títí a fi pa á. Ká ní ó tún kú ni, bọ́ọ̀dù ni à bá kàn.