Ọwọ́ Ife Tó Jìn Jù

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ ṣí ṣáàtì ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ yín, ẹ fi ti ojoojúmọ́ sílẹ̀ ná. William O'Neil, oníṣòwò ìpín ọmọ Amẹ́ríkà, ló sọ àwòrán ife àti ọwọ́ ife tó máa ń hàn lórí ṣáàtì iye owó ìpín di ìlú-mọ̀ọ́ká. Ife fúnra rẹ̀ kò le: iye owó ìpín wálẹ̀, ó tẹ́ nísàlẹ̀ bí abọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó padà gòkè. Ẹ jẹ́ ká sáré kọjá ibẹ̀, torí ìdí ọwọ́ ife ni ẹ ti máa ń ṣubú.

Ọwọ́ ife ni fífà sẹ́yìn kékeré tó ń wáyé nígbà tí iye bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé etí ife padà. Kí ló ń fà á? Owó àwọn tó rà á lókè níbẹ̀rẹ̀ ti há fún ọ̀pọ̀ oṣù. Bó ṣe padà dé iye tí wọ́n fi rà á báyìí, wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ n gba owó mi," wọ́n tà. Tí irú wọn bá tètè tán, ọwọ́ ife kò ní jìn, àwọn igi ìsàlẹ̀ ṣáàtì tó ń sọ iye ìpín tí wọ́n rà tí wọ́n tà yóò sì máa kúrú sí i. Tó bá jìn, a jẹ́ pé àwọn tó fẹ́ tà ṣì pọ̀.

Àgbò tó tàdí mẹ́yìn, agbára ló lọ mú wá. Òwe tí mo fi ń wo ọwọ́ ife nìyẹn. Àmọ́ àgbò tó tàdí títí tó fi kọjá ìdajì pápá, ìjà ti sú u.

Ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa o. Ẹ ti mọ̀ pé nígbà tí ọjà bá ń gòkè, ọwọ́ ife kò yẹ kó jìn ju ìdá 12 nínú 100 lọ. Ibẹ̀ lẹ máa ń dúró sí! Ẹ wò ó. Ife kìíní wálẹ̀ láti 100 sí 70, ó padà dé 98, ó wá fà sẹ́yìn dé 90. Bí ìdá 8 nìyẹn. Ife kejì wálẹ̀ láti 100 sí 86, ó padà dé 99, òun náà fà sẹ́yìn dé 90. Bí ìdá 9. Ẹ rò pé wọ́n jọra? Wọn ò jọra rárá! Àárín ife kìíní ni 85, 90 ṣì wà lókè rẹ̀. Àárín ife kejì ni 93, ọwọ́ rẹ̀ ti bọ́ sábẹ́ rẹ̀. Nínú 13 tó gùn padà, ó ti sọ 9 nù. Ẹ FI ỌWỌ́ IFE WÉ IFE TÓ NI Í! Ìdajì òkè ni kó wà.

Mo ra irú ife kejì yẹn rí. Ó yọrí kọjá òkè ọwọ́ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan péré, ó sì já padà, torí àwọn tó rà á nínú ọwọ́ jíjìn náà ti ń dúró láti tà fún mi.

Nítorí náà, ẹ má rà á nínú ọwọ́ ife. Ẹ dúró kí ọ̀sẹ̀ parí lókè 98 nínú ife kìíní, kí iye ìpín tí wọ́n rà lọ́sẹ̀ náà sì ju ti àtẹ̀yìnwá lọ dáadáa. Tí ọ̀sẹ̀ bá parí sábẹ́ 85, ẹ pa ilà ife tí ẹ fà sórí ṣáàtì yẹn rẹ́.